Omi Tí Mo Wọ́n sí Ìkòkò Àsíyátù

Kí ló dé tí ìkòkò tí mo gbàdúrà lé lórí fi bàjẹ́, tí èyí tí mi ò gbàdúrà lé lórí sì dára? Mo ti bi Ọlọ́run léèrè lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti bi í nínú ọkọ̀ Lọ́kọjà, níbi tí a ti há mọ́ra bí iṣu inú àpò. Títí di òní, mi ò tíì rí ìdáhùn gbà. Alàgbà ni mí nínú ìjọ wa ní Kàbà láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ má sì rò pé aláìgbàgbọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo gbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wà lọ́nà ọ̀fun mi ni, kò wọlé, kò sì jáde.

Àsíyátù ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ìyá Rùmáísà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Odò-Ape ni, Kàbà ló wá lọ́kọ sí. Yàsírù ọkọ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ìkòkò dídà ní Ìlọrin, ó sì wá dá iléru rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, lábẹ́ búkà onípáànù tí kò ní ògiri. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ihò kan ló wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, ẹwìrì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, àwọn àpótí onígi tí wọ́n ń kó iyanrìn sí, àti òkìtì alumíníọ́mù tí gbogbo ayé ti sọ nù. Ohun tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Odidi ọdún mọ́kànlá ni Àsíyátù fi jókòó ti ọkọ rẹ̀, tó ń fi fáìlì ha ìdí ìkòkò, tó sì ń gbé wọn lọ sọ́jà. Nígbà tí Yàsírù kú ní ọdún tó kọjá, àwọn ènìyàn bá a kẹ́dùn, wọ́n sì ń dúró kí ó lọ máa ta gàrí.

Kò lọ ta gàrí. Ó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀ tán, ó sì dá iná sí iléru.

Ẹ ò lè mọ ohun tí irin jẹ́ fún obìnrin yìí bí ẹ kò bá tíì bá a rìn lójú pópó. Kì í wo ojú ènìyàn kó tó wo ohun tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ láti ra písítìn tó ti kú, ó máa ń ra férémù fèrèsé lọ́wọ́ àwọn bọ́lábọ́là tí ń ti ọmọlanke káàkiri ṣa àlòkù, bí a bá sì ṣe ìkómọ, òun ló máa ń dúró gbẹ̀yìn láti ṣa agolo mínírà. Nígbà kan tí mo gbé ọ̀kadà mi kọjá níwájú búkà rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó, ó ní:

"Bàbá, okun o."

Mo ní okun, bí àwa ará Kàbà ṣe ń kí ara wa.

"Ọ̀kadà yín ń kú lọ o. Tó bá ti kú tán, ẹ má sin ín. Ẹ gbé e wá."

Mo ní kò ní kú lórúkọ Jésù. Ó ní àmín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà títí mo fi yí igun.

Mọ́nsúrù, àbúrò Yàsírù, kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ń ra ẹ̀pà láti Makutu, ó ń tà á fún àwọn ará Lọ́kọjà, kò sì burú lọ́kùnrin. Ohun tó ń sọ ni pé obìnrin kò lè gbé kòkò irin tó kún fún alumíníọ́mù yíyọ́ kó má sun ara rẹ̀, àti pé ọjọ́ tí ó bá sun ara rẹ̀, ìdílé àwọn ni gbogbo Kàbà yóò bú. Ó ti rí ẹni tí yóò ra àwọn àpótí, ẹwìrì àti gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé náà ṣe ilé ẹ̀pà. Àwọn àgbà ìdílé ní kí wọ́n fún ìyàwó àwọn ní àyè díẹ̀ kí àwọn wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìkórè ìjọ wa ni wọ́n dá láti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìrun. Bí wọ́n bá sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó iṣẹ́, irinṣẹ́ ń lọ nìyẹn, Àsíyátù yóò sì di ẹni tí ń ta ìkòkò ẹlòmíràn.

Èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ náà bá ìjọ wa. Ìkòkò ńlá tí àwọn ìyá ìjọ fi ń se ìrẹsì ìkórè ti lu, wọ́n sì fẹ́ lọ ra òmíràn ní Lọ́kọjà. Mo ní kí ni wọ́n ń lọ ṣe ní Lọ́kọjà nígbà tí Ìyá Rùmáísà wà níbí. Màmá Ṣọlápé, tó jẹ́ olórí àwọn tí ń dáná, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Alàgbà Hezekiah, ìkòkò tí Mùsùlùmí dà, ẹ fẹ́ kí a fi se oúnjẹ ìkórè?"

"Mùsùlùmí ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn yín yẹn."

Ó wo aṣọ náà.

Àṣà àwọn tí ń da ìkòkò ni pé kí ẹ kó àwọn ìkòkò yín tó ti gbó wá, kí wọ́n fi wọ́n da tuntun, kí ẹ san owó iṣẹ́ nìkan. Bí àwọn ìyá ìjọ ṣe kó àlòkù jọ nìyẹn. Wọ́n kó ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu, ìdérí tí kò ní ìkòkò mọ́, àwo tí ọmọ ti fi gbá bọ́ọ̀lù. Màmá Ṣọlápé mú ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Apá rẹ̀ kan ti jábọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e sọ́dọ̀ Àsíyátù bí ẹni ń gbé ọmọ fún dókítà.

"Ìyá Rùmáísà, èyí ni kó wà ní ìsàlẹ̀ o."

"Màmá, tó bá ti yọ́, kò ní ìsàlẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan ni."

"Bí ìjọ ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ́ ná, Bàbá," ni Àsíyátù wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a dá. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo sì mú ìgò omi kan dání, omi tí a gbàdúrà sí ní ìsìn àárọ̀. Màmá Ṣọlápé wá pẹ̀lú ìyá ìjọ méjì. Mọ́nsúrù náà wá, ó fara ti òpó búkà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mi ò tíì rí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rí. Iyanrìn odò tó kúnná ni ó lò, èyí tí amọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó bu omi díẹ̀ sí i, ó pò ó, ó bù ú sí ọwọ́ ó fún un. Nígbà tó la ọwọ́, iyanrìn náà dì pọ̀ bí ẹ̀bà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: bí kò bá dì, yóò wó, bí ó bá tutù jù, yóò gbé wàhálà wá. Ìkòkò àwòṣe tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tí wọ́n ti là sí méjì kó lè ṣeé yọ, ni ó dojú rẹ̀ dé sínú àpótí. Ó kó iyanrìn yí i ká, ó gún un kó ki, ó fi eérú wọ́n ojú ibi tí apá méjèèjì àpótí náà yóò ti pàdé kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra, ó kó iyanrìn sí inú ìkòkò náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó ṣí àpótí, ó yọ àwòṣe náà díẹ̀díẹ̀, ó tún àpótí dé. Àlàfo tó ṣẹ́kù láàárín iyanrìn òde àti iyanrìn inú, tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ibẹ̀ ni ìkòkò tuntun yóò wà. Ó dá ihò kan sí òkè tí yóò gba ibẹ̀ da alumíníọ́mù, ó sì fi sípókù kẹ̀kẹ́ gún àwọn ihò wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

Ó ti fi òòfà tó yọ nínú rédíò àtijọ́ yẹ gbogbo àlòkù wa wò. Èyí tí òòfà bá fà, irin gidi ni, kò gbà á. Ó ti fọ́ gbogbo agolo tó dé pa, ó ti sá gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iná kó gbẹ kó tó sọ wọ́n sínú kòkò irin tó fi ń yọ́ wọn.

"Bí ẹ̀kán omi kan bá bá a wọlé, á bú," ni ó wí. Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kòkò orí iná ni mo rò pé ó ń bá wí.

Nígbà tí alumíníọ́mù náà yọ́, ó ń dán bí dígí. Àsíyátù kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi ṣíbí irin gígùn ré ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó léfòó, kúrò lójú rẹ̀. Màmá Ṣọlápé fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Alàgbà, ẹ ò ní gbàdúrà?"

"Ìyá Rùmáísà, ṣé kí n gbàdúrà?"

"Ẹ gbàdúrà, Bàbá," ó wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Gbogbo wa la nílò ẹ̀."

Mo di ojú. Mo yí àpótí náà ká. Mo wọ́n omi ní orúkọ Baba, mo wọ́n ọn ní orúkọ Ọmọ, nígbà tí mo dé orí Ẹ̀mí Mímọ́ ni ẹ̀mí náà wá bà lé mi, mo sì da ìdajì ìgò sí ẹnu ihò òkè. Àwọn ìyá ìjọ ṣe àmín. Mọ́nsúrù náà ṣe àmín, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Àsíyátù gbé kòkò náà kúrò lórí iná pẹ̀lú ẹ̀mú gígùn, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wá láti Odò-Ape. Wọ́n gbé e dé orí ihò àpótí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Àpótí náà kọ́kọ́ kùn bí ẹni inú ń run. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́. Ooru funfun tú jáde láti inú gbogbo ihò, alumíníọ́mù sì ta pàrà láti òkè, ọ̀kan fò wá bà lé etí aṣọ funfun mi, ó jó o lu, ó ṣubú. Gbogbo wa sá. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì lè sáré bẹ́ẹ̀. Ìyá ìjọ kan wà lẹ́yìn igi máńgòrò kí n tó débẹ̀, mo sì ní láti bẹ̀ ẹ́ kó sún díẹ̀.

Àsíyátù nìkan ni kò sá. Òun àti àbúrò rẹ̀ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé kòkò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n dúró.

Nígbà tó tutù, ó fọ́ iyanrìn náà. Ìkòkò tó jáde dà bí asẹ́. Ihò wà lára rẹ̀ láti ìdí dé ọrùn, apá kan kò tilẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. Màmá Ṣọlápé fi ọwọ́ kan ibi tó rò pé ìkòkò ìyá rẹ̀ wà. Àsíyátù ní tirẹ̀ kó iyanrìn ẹnu ihò sọ́wọ́, ó fún un. Ẹrọ̀fọ̀ ni. Omi kán láàárín ìka rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi, tó ti dé ìdajì. Ó wo ojú mi.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Mọ́nsúrù wí láti ẹ̀yìn òpó. "Mo sọ fún yín. Ìyàwó wa, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ń dúró kí ó sọ ọ́.

"Iyanrìn ló lómi jù, ọkọ mi," ó wí. "Èmi ni mo pò ó."

Mo ka gbogbo Òfin Mẹ́wàá lọ́kàn, mo sì rí i pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ń wò mí. Mo gbé ìgò mi, mo lọ sílé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo padà lọ bá a. Ó ti gé ìkòkò tó dà bí asẹ́ yẹn sí wẹ́wẹ́, ó ń sá a ti iná. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: èyí tó bá bàjẹ́, o lè tún un yọ́, ìdàrọ́ díẹ̀ nìkan ni o pàdánù. Mi ò mọ iṣẹ́ alàgbà kan tó rí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Rùmáísà, omi mi ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Níwájú àwọn ọmọ ìjọ yín? Kí n ní omi àdúrà alàgbà ló fọ́ ìkòkò ìkórè?" Ó gbé àjákù kan sókè sí oòrùn, ó wò ó láti inú ihò rẹ̀. "Wọn á ní Mùsùlùmí ń bú omi yín. Ẹ̀yin náà ò ní rí ibi wọlé lọ́jọ́ Àìkú."

"Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ gbàdúrà dáadáa o, Bàbá. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Òun gan-an ló jẹ́ kí omi pọ̀ jù."

Mo rẹ́rìn-ín, ó dùn mí. Mo bi í bóyá Ọlọ́run ò lè mú kí omi náà gbẹ kí ó tó dà á. Ó ní Ó lè ṣe é. Ó ní ọkọ òun náà máa ń kí ìrun kó tó dáná, ṣùgbọ́n tó bá kírun tán, á tún fún iyanrìn náà wò.

Ọjọ́bọ̀ la tún un ṣe. Mo bẹ Màmá Ṣọlápé títí kó tó gbà. Ó ní bí èyí bá lu, Lọ́kọjà ni àwọn ń lọ, ó sì ní èmi ni n ó máa ru ìkòkò náà bọ̀. Iyanrìn tuntun ni Àsíyátù pò. Ó fún un, ó ní kí Màmá Ṣọlápé náà fún un, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mọ́nsúrù náà tún wá. Àsíyátù fi ìka hàn mí ibi tí n ó dúró sí, lábẹ́ máńgòrò, ó jìnnà tó ogún ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo. Màmá Ṣọlápé wò mí pé kí n gbàdúrà, mo sì di ojú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó wá. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò ni pé kí Àsíyátù má dúró lágbedeméjì, nítorí ó ti sọ fún wa pé bí ẹni tó ń dà á bá sinmi, ibi tó ti sinmi ni yóò là. Ṣé àdúrà nìyẹn? Mi ò mọ̀.

Kò sinmi. Alumíníọ́mù náà wọlé bí omi ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ, ó kún dé ẹnu ihò, ó dúró. Àpótí kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ó fọ́ iyanrìn, ìkòkò náà jókòó síbẹ̀, ó gbóná, ó dúdú díẹ̀, odindi. Ó gé ibi tó gbà dà á kúrò, ó fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀, ó ha ìdí rẹ̀, a sì pọn omi kún un. A jókòó yí i ká, a ń wo ìdí rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ adìyẹ tó fẹ́ yé. Kò kán. Màmá Ṣọlápé fi ìka lù ú.

"Ó ń dún bí ti ìyá mi," ó wí. Ó sì bi Àsíyátù bóyá ó lè da kékeré méjì sí i kí Kérésìmesì tó dé.

Mọ́nsúrù kan ìkòkò náà, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dára," ó wí. "Ìyàwó wa, mi ò ní purọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n méjì lo dà, ọ̀kan ló jáde. Ohun tí mo máa sọ lọ́la nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà mi ni ìdajì ń bàjẹ́ báyìí, ṣé n ó máa tà á?"

"Òótọ́ lẹ sọ, ọkọ mi," ni Àsíyátù wí.

Ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìyá ìjọ gbé ìkòkò náà lérí ọmọlanke, wọ́n ń kọrin lọ. Èmi ló kù. Àsíyátù ń gbá iyanrìn jọ, ó ń yọ àwọn àfọ́kù alumíníọ́mù kéékèèké inú rẹ̀ sínú agolo. Ó gbé orí sókè.

"Bàbá."

"Ìyá Rùmáísà."

"Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú mọ́sáláṣí wa ni àwọn àgbà ìdílé máa jókòó sí. Tí Mọ́nsúrù bá ní ọ̀kan nínú méjì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè dá a lóhùn. Èmi náà ni mo sọ pé èmi ni mo pò ó." Ó gbọn eérú kúrò ní ọwọ́. "Ẹ bá mi wá. Ẹ sọ fún wọn ẹni tó da omi sí i."